Òbírípo Tí Wọn Ò Yà Síbẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni X kan fi ń jẹ mí lọ́kàn. Èmi ni mo fi bírò pupa fà á sínú ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. X náà tọ́ sí i, nítorí ìdáhùn tí ọmọ náà kọ kò tọ̀nà. Àlàyé tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo fà á tán ló burú, n ò sì mọ̀ pé ó burú.

Ìbéèrè náà kò le. Wọ́n ya òbírípo kan, wọ́n fi O sí ìdodo rẹ̀, ìyẹn àárín gbùngbùn. Wọ́n fi A, B àti C sí etí rẹ̀. Wọ́n wá fa ìlà láti O lọ sí A, láti A lọ sí B, láti B lọ sí C, kí wọ́n tó fà á padà sí O. Igun tó wà ní O jẹ́ 100 dígírì. Èló ni igun B? Ọmọ náà rí òbírípo, ó rí onígun mẹ́rin, ó sì rí i pé igun O àti igun B dojú kọ ara wọn. Òfin tí wọ́n kọ́ wọn ní girama wá sí i lọ́kàn: bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin onígun mẹ́rin bá wà ní etí òbírípo, èyí tó bá dojú kọ ara wọn nínú wọn, àpapọ̀ wọn á jẹ́ 180. Ó yọ 100 kúrò nínú 180, ó kọ 80.

Mo fà á ní X. Mo ní, "Nígbàkúùgbà tó o bá ti rí O ní igun kan, má lo òfin yẹn. Òfin yẹn ò sí fún O." Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ó tún fa ìlà sí i nídìí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbé ìbéèrè mìíràn wá. Òbírípo tún ni, O tún wà ní ìdodo. Lọ́tẹ̀ yìí, T wà ní ìta, wọ́n sì fa ìlà méjì láti T, ọ̀kan kan etí òbírípo ní A, èkejì kàn án ní B, láì wọ inú rẹ̀. Tángẹ́ǹtì ni olùkọ́ wọn ń pe irú ìlà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fa ìlà láti O lọ sí A àti láti O lọ sí B. Igun T jẹ́ 40. Èló ni igun O? Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni 140.

"Àǹtí, 180 yọ 40 nìyẹn. O sì wà ní igun, ó dojú kọ T. Ẹ ṣáà ní òfin yẹn ò sí fún O."

Mo wo ìwé, mo wo ojú ọmọ. Mo ní kó jẹ́ ká jẹun ná.

Ọmọrí ìkòkò Màmá

Mo lè sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n fi dé 140. Tángẹ́ǹtì àti ìlà tó ti ìdodo wá máa ń ṣe igun 90 níbi tí wọ́n ti pàdé; 90 méjì jẹ́ 180; igun mẹ́rin jẹ́ 360 lápapọ̀; nítorí náà 180 ló ṣẹ́ kù fún O àti T. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà ń bi mí kọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ mọ ìdí tí òfin kan náà fi kọ O ní ọjọ́ kan, tó sì gbà á ní ọjọ́ kejì. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo ti ń sọ òfin yẹn lẹ́nu láti ìgbà tí mo wà ní girama, mo sì fi yege. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Màmá máa ń se ìkọ́kọrẹ́ tà láàárọ̀. Ìkòkò ńlá tó fi ń sè é ní ọmọrí kan tó fẹ̀ dáadáa, róbótó, pẹrẹsẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé kó gbẹ. Kọ́mpáàsì ọmọ náà ti ṣẹ́, ni mo bá fa ọmọrí náà mọ́ra. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì A sí etí rẹ̀, mo sì sàmì C sí ibòmíràn létí kan náà, kí etí tó wà láàárín wọn lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Apá kékeré nìyẹn. Ìyókù etí, láti C yí gbogbo ẹ̀yìn po padà sí A, ni apá ńlá.

Mo wá páálí bisikíìtì kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Mo fi àárín ẹ̀gbẹ́ náà lé orí apá ńlá, ní ibì kan tí mo pè ní D, mo sì yí páálí náà títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi kọjá lórí A. Mo fi bírò fa ìlà láti D lọ sí C lára páálí náà, mo sì fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ojú ìlà yẹn títí dé òdì kejì. Páálí di méjì. Mo ju èyí tí n ò fẹ́ sílẹ̀, mo mú èyí tó ní igun tí mo wá lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn án ni pé bí mo bá sún ẹnu igun yẹn kiri lórí apá ńlá, tí mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan kọjá lórí A, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa kọjá lórí C láì kùnà. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Mo sún un sọ́tùn-ún, ó bá A àti C mu. Mo sún un sósì, ó bá wọn mu. Kò sí ibi tí mo gbé e sí lórí apá ńlá tí igun náà tóbi jù tàbí kéré jù.

Àbúrò ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti mú páálí tí mo jù sílẹ̀. Eré ló ń ṣe. Ó gbé igun tirẹ̀ lé apá kékeré, láàárín A àti C, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Èyí náà bá a mu." Mo wò ó. Ẹ̀gbẹ́ kan wà lórí A, ìkejì wà lórí C. Mo ní kó sún un. Ó sún un lórí apá kékeré, ó sì tún bá a mu.

Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ páálí kan ṣoṣo tó tọ́ gbọọrọ ni mo gé sí méjì. Igun tó wà lọ́wọ́ mi àti igun tó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, bí a bá tún so wọ́n pọ̀ níbi tí sísọ́ọ̀sì ti gbà, ìlà tààrà ni wọ́n á padà di. Kò sí ẹni tó dárúkọ 180 lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Síbẹ̀, òun rèé gbọọrọ níwájú wa: ìdajì rẹ̀ ń jókòó sí apá ńlá, èyí tó kù ń jókòó sí apá kékeré. (Mo pè é ní ìdajì, ṣùgbọ́n wọn ò dọ́gba o. Ìdajì bí àwọn ìyá wa ṣe ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń bu ọbẹ̀.)

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe èyí tó kù. Ó gba páálí mi, ó sún ẹnu igun rẹ̀ kúrò létí wá sí inú ọmọrí díẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sórí A, C sì bọ́ síta páálí: igun páálí ti kéré jù fún ibẹ̀. Ó tún fà á lọ sí ìta etí. C bọ́ sábẹ́ páálí: igun náà ti tóbi jù. Etí nìkan ló gbà á. Ìdí nìyẹn tí òfin náà fi ṣeé lò láti ẹ̀yìn wá. Bí o bá rí onígun mẹ́rin tí o ò mọ̀ bóyá òbírípo kan gba gbogbo igun rẹ̀ kọjá, tí igun méjì tó dojú kọra níbẹ̀ sì pé 180, ọkàn rẹ balẹ̀. Òbírípo yẹn wà. Bó bá ku díẹ̀ kó pé, tàbí tó lé díẹ̀, ó di dandan kí igun kan ti jìn sínú tàbí kó ti yọ síta.

Àwòrán tí mo fà ní X

Páálí fi hàn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, kò sọ ìdí. Ìdí náà wà nínú àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí mo ti fi bírò pupa bà jẹ́.

Ẹ padà sí i. O, A, B, C, igun O jẹ́ 100. Ẹ fa ìlà kan sí i, láti O lọ sí B. Onígun mẹ́rin yẹn ti di onígun mẹ́ta méjì. Láti ìdodo dé etí, gígùn kan náà ni níbi gbogbo, nítorí náà OA, OB àti OC dọ́gba. Onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ bá dọ́gba, igun méjì tó wà nídìí rẹ̀ náà á dọ́gba. Ìyẹn ni pé igun A jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó bá a dé B, igun C sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó bá òun náà dé B. Ẹ kó wọn jọ: A àti C lápapọ̀ dọ́gba pẹ̀lú odindi B.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 360. Nínú rẹ̀, O mú 100. A àti C mú ìwọ̀n B kan, B fúnra rẹ̀ mú ìwọ̀n B kan. Nítorí náà B lọ́nà méjì jẹ́ 260, B sì jẹ́ 130. Kì í ṣe 80.

Ẹ wo 260 yẹn dáadáa. Òun ló ṣẹ́ kù ní O bí a bá yí ìdodo po, lẹ́yìn tí a ti yọ 100. Orí apá kékeré ni B jókòó sí, ṣùgbọ́n ìdajì 260 ló jẹ́, tí í ṣe ti apá ńlá. Bí a bá wá gbé D sí àárín apá ńlá tí a ṣe ohun kan náà fún un, 260 ló máa jẹ́ igun O lọ́dọ̀ tirẹ̀, D lọ́nà méjì á sì jẹ́ 100. D jẹ́ 50. Òun náà jókòó sí apá ńlá, ìdajì apá kékeré ló gbà. 130 àti 50 jẹ́ 180, kò sì lè ṣàì jẹ́ bẹ́ẹ̀: ìdajì 260 àti ìdajì 100, ìdajì 360 ni. Bí D bá sún mọ́ A tàbí C jù, àwọn onígun mẹ́ta náà á gun orí ara wọn. Ìyọkúrò la máa ṣe dípò ìròpọ̀, ibì kan náà la sì máa já sí.

Yúkílìdì, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù. Ìwé kẹta nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló wà, nọ́ńbà 22. Nọ́ńbà 20 níbẹ̀ ló ti sọ pé igun ìdodo jẹ́ ìlọ́po méjì igun etí. Kò fi dígírì sọ ọ́ rárá. Ohun tó sọ ni pé àwọn igun tó dojú kọra jẹ́ igun òdodo méjì, irú igun tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí bíríkìlà bá mọ̀ ọ́n mọ. Gbé kọ̀rọ̀ yàrá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ògiri tó tọ́ gbọọrọ ni wàá rí. Mo fẹ́ràn tirẹ̀ ju 180 lọ, nítorí 180 jẹ́ nọ́ńbà, ìlà tààrà sì jẹ́ ohun tí ojú rí.

Ìpàkọ́ onípàkọ́

Ìbéèrè kan kù tí ọmọ náà ò bi mí, tí èmi fúnra mi ń bi ara mi: kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn tó dojú kọra? Kí ló dé tí kì í ṣe igun méjì tó jókòó ti ara wọn?

Àwọn àgbà ní, ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Bí igun etí òbírípo ṣe rí gan-an nìyẹn. Igun B ò lè wo apá tó jókòó lé; ìpàkọ́ rẹ̀ nìyẹn. Apá tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò, ìdajì rẹ̀ ló sì fi ń ṣe ìwọ̀n ara rẹ̀. D tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń bá a wo ìpàkọ́. Ohun tí B rí ni D ò rí, ohun tí D rí ni B ò rí. Bí wọ́n bá pa ohun tí wọ́n rí pọ̀, gbogbo etí pé, kò sí èyí tí ẹni méjì kà, kò sí èyí tí wọ́n fò. Igun A àti igun B tó jókòó ti ara wọn ńkọ́? Àwọn méjèèjì ló jọ ń wo etí tó wà láàárín C àti D, nítorí náà ìyẹn di kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Etí tó wà láàárín A àti B sì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó kà á. Àpapọ̀ wọn lè pọ̀, ó lè kéré, ó kù sí bí wọ́n bá ṣe jókòó.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ka lẹ́tà tẹ̀ léra yí etí po kó tó sọ pé èyí dojú kọ tọ̀hún. Mo ti rí àwọn ọmọ tó kọ A, B, D, C nítorí bí wọ́n ṣe rí i lójú ìwé, tí wọ́n sì so igun méjì tó jókòó ti ara wọn pọ̀.

O ti ọjọ́ kejì

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ T. Onígun mẹ́rin ọjọ́ yẹn ni O, A, T, B. Igun A jẹ́ 90, igun B jẹ́ 90, wọ́n sì dojú kọra. Wọ́n pé 180. Ohun tí páálí kọ́ wa ni pé bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, òbírípo kan gbọ́dọ̀ gba O, A, T àti B kọjá. Èwo ni? Kì í ṣe èyí tí wọ́n yà sínú ìwé, nítorí T wà ní ìta ìyẹn, O sì wà ní ìdodo rẹ̀. Òmíràn ni, tí ẹnikẹ́ni ò yà síbẹ̀. Ìdodo rẹ̀ wà ní àárín méjì ìlà tó lọ láti O dé T. Lórí òbírípo yẹn, etí ni O wà bí àwọn mẹ́ta yòókù, ó sì ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní.

Nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sí irú òbírípo bẹ́ẹ̀. Bí ibi mẹ́ta ò bá ti tò sórí ìlà kan, òbírípo kan ṣoṣo ló lè gbà wọ́n kọjá. A, B àti C ti ní tiwọn, ìdodo rẹ̀ ni O sì wà. Ẹni tó jókòó sí ìdodo ò lè tún jókòó sí etí. Kódà, a lè ka ohun tí òfin náà fi kùnà: 100 àti 130 jẹ́ 230, ó fi 50 lé 180, 50 sì ni ìdajì igun O. Bí igun O bá ṣe tóbi tó, ìdajì rẹ̀ náà ló máa fi lé. Kò sí bó ṣe lè pé 180 géérégé, àyàfi bí igun O bá di òfo.

Mo ní kí ọmọ náà fi bírò nu ohun tí mo sọ nípa O kúrò lẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ó ní kí ni kóun kọ dípò rẹ̀. Mo ní kó kọ pé: etí ta ni wọ́n jókòó sí?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí àwọn òbírípo tí wọn ò yà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni igun 90 méjì tó ń wo ìlà kan náà. Ẹ ya onígun mẹ́ta tí kò ní igun kankan tó tó 90, kí ẹ fa ìlà láti igun ìdí kọ̀ọ̀kan lọ gún ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́ ní òòró. Ibi méjì tí wọ́n gún, pẹ̀lú igun ìdí méjèèjì, orí òbírípo kan ni wọ́n wà, ìlà ìdí náà ló sì là á sí méjì. Ìbéèrè á fara pa mọ́ síbẹ̀, kò ní dárúkọ òbírípo rárá. Èkejì ni kí a na ẹ̀gbẹ́ kan jáde kọjá igun rẹ̀. Bí igun tó ṣẹ́ síta yẹn bá dọ́gba pẹ̀lú igun tó jìnnà jù sí i nínú lọ́hùn-ún, òfin kan náà ni, nítorí igun ìta àti igun tó bá a jókòó jẹ́ ìlà tààrà.

Àwọn kan ò sì ṣeé ṣe láé. Onígun mẹ́rin tó dà bíi fèrèsé tó wọ́, tí àwọn ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra kò lè pàdé láé: àwọn igun tó dojú kọra níbẹ̀ dọ́gba, kí wọ́n tó lè pé 180, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 90. Bó bá ti wọ́ báyìí, kò sí òbírípo fún un, bó ti wù kí ẹni tó yà á fi agídí gbé e sínú òbírípo tó. Mo ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń tà fún ọmọ iléèwé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ wá. Ìbéèrè tángẹ́ǹtì mìíràn ni, igun T jẹ́ 64. Ó ti kọ 116. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wò ni òbírípo kejì tó fi pẹ́ńsù yà kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ gba O, A, T àti B kọjá. Kò rí róbótó dáadáa, ọwọ́ ló fi yà á. Mo ń wá bírò pupa mi kí n fi máàkì sí i nígbà tí Màmá ké láti ìdí àdògán pé, ta ló kọ A àti C sétí ọmọrí òun, tí kò sì fọ̀ ọ́ nù?